"Èló Lẹ Máa Gbà?": Ohun Tó Yẹ Kí A Kọ́kọ́ Bi Oníbàárà Lórí Fóònù

Ìpè náà wọlé láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè, 27 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025. "Bọ̀dá, ẹ kú iṣẹ́ o. Wọ́n ní ẹ máa ń ṣe wẹ́bsáìtì. Èló lẹ máa gbà?" Ìyá kan ni, láti Ìséyìn, aṣọ òkè ló ń tà. Ẹnì kan tí mo ti bá ṣiṣẹ́ rí ló fún un ní nọ́ńbà mi. N kò tíì kí i tán tí ọ̀rọ̀ ti dórí iye.

Gbogbo ẹni tó bá ń fi ọwọ́ ṣiṣẹ́ fún ènìyàn ló mọ ìbéèrè yìí, ì báà ṣe télọ̀, ì báà ṣe kápẹ́ńtà, ì báà ṣe ẹni tó ń ya fídíò níbi ìyàwó. Kò sí ohun tó burú nínú kí oníbàárà bèèrè rẹ̀. Ibi tí ewu wà ni kí a yára dá a lóhùn. Bí mo bá ní 300,000 náírà, kí ni mo fẹ́ tà fún un ní iye yẹn? Wẹ́bsáìtì kan wà tó jẹ́ ojú ewé kan ṣoṣo, àwòrán mẹ́wàá àti nọ́ńbà fóònù. Òmíràn wà tó jẹ́ ṣọ́ọ̀bù odindi, tó ń ka iye aṣọ tó kù nílẹ̀, tó ń gba owó, tó ń fún èèyàn ní rìsíìtì láàárín òru. Orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́, ṣùgbọ́n bí ahéré ṣe jìnnà sí pẹ́tẹ́ẹ̀sì ni wọ́n ṣe jìnnà síra.

Ohun kejì tún wà níbẹ̀. Ọjà la ti kọ́ ìnájà, nínú ọjà sì rèé, ẹni tó bá kọ́kọ́ dá iye lé ọjà ni wọ́n ń já iye rẹ̀ wálẹ̀. Nítorí náà, oníbàárà á fi iye tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ pa mọ́, oníṣẹ́ náà á fi iye tó fẹ́ gbà pa mọ́, olúkúlùkù á máa dúró de ẹnìkejì. Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé níbí ni àwọn ìbéèrè tó ń tú ìdè yìí, àti ìdí tí èyí tó kan owó kò fi gbọdọ̀ ṣíwájú.

Ìyà ló kọ́ mi. Ní ọdún kejì tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ilé ìwé kan pè mí pé kí n ṣe wẹ́bsáìtì fún àwọn. Ọ̀gá àgbà ibẹ̀ sọ fún mi lórí fóònù pé, "Owó kì í ṣe ìṣòro. Ẹ sá ṣe é kó dára." Inú mi dùn. Mo ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méje, mo kọ ibi tí àwọn òbí yóò ti máa rí èsì ìdánwò ọmọ wọn, mo wá kó ìwé owó lọ, 300,000 náírà. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ pé ìgbìmọ̀ kan ló ń mú owó jáde, pé ìgbìmọ̀ náà sì ti fi 80,000 sílẹ̀ fún iṣẹ́ yìí kí wọ́n tó pè mí rárá. Wẹ́bsáìtì tó ní àwòrán ilé ìwé àti àdírẹ́sì nìkan ni wọ́n ní lọ́kàn. Ọ̀gá náà kò purọ́ fún mi. Lójú tirẹ̀, owó kì í ṣe ìṣòro lóòótọ́, torí pé wọ́n ti yà á sọ́tọ̀. Èmi ni kò bèèrè pé èló ni wọ́n yà sọ́tọ̀, ta ló sì yà á. 80,000 náà ni mo gbà.

Láti ìgbà náà, n kì í gba ìpè àkọ́kọ́ láì ní bírò àti ìwé lọ́wọ́, n kì í sì í jẹ́ kí ó ju ààbọ̀ wákàtí lọ. Nígbà tí ìyá Ìséyìn bèèrè iye, mo ní, "Màámi, màá sọ iye fún yín kí a tó gbé fóònù sílẹ̀ lónìí. N kò ní sá fún un. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mọ ohun tí ẹ fẹ́ fi ṣe, kí n má baà pe iye ohun tí ẹ kò nílò." Ìlérí yìí ṣe pàtàkì. Bí èèyàn bá kàn yẹ ìbéèrè owó sílẹ̀, oníbàárà á rò pé a fẹ́ wo ojú òun fọ́n iye ni. Tí a bá ti sọ ìgbà tí a máa dáhùn, ara rẹ̀ á balẹ̀.

Mo wá bi í ní ìbéèrè tí mo gbà pé ó ju gbogbo yòókù lọ: "Kí ló ṣẹlẹ̀ tó jẹ́ pé ìsinsìnyí lẹ wá pè?"

Ẹ wo bí ìbéèrè náà ṣe rí. N kò bi í pé kí ni ẹ fẹ́ kí wẹ́bsáìtì yín máa ṣe. Tí mo bá bi í bẹ́ẹ̀, ohun tó ti rí lára ti ẹlòmíràn ló máa kà sílẹ̀ fún mi: kí ó ní àwòrán tó ń yí, kí ó ní orin, kí ó ní fídíò. Ogún ọdún ló ti ń ta aṣọ òkè láì ní wẹ́bsáìtì. Ohun kan ló dé tó mú un gbé fóònù láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè, ohun yẹn gan-an ni iṣẹ́ tó fẹ́ gbé fún mi, ì báà mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀ tàbí kò mọ̀.

Ó dákẹ́ díẹ̀. Èmi náà dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ yìí le fún ẹni tí ó ń wá iṣẹ́, nítorí ó máa ń ṣe wá bíi ká fi ọ̀rọ̀ dí i. Ẹ má dí i. Ìdáhùn tó wà lẹ́yìn ìdákẹ́jẹ́ máa ń jinlẹ̀ ju èyí tó wà níwájú rẹ̀ lọ. Ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Ẹ rí i, ẹgbẹ́ kan láti Houston ló kọ̀wé sí mi lórí WhatsApp lọ́dún tó kọjá. Aṣọ èèyàn méjìdínlógún. Mo ti sùn. Nígbà tí mo fi jí, wọ́n ti bá ẹlòmíràn lọ. Àwòrán aṣọ wọn ni mo rí lórí fóònù ọmọ mi, ó sì dùn mí gan-an."

Ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ báyìí. Lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn wọn, wákàtí mẹ́fà ni Houston fi wà lẹ́yìn wa. Lásìkò òtútù, ó di méje. Ẹni tó bá dé láti ibi iṣẹ́, tó jẹun tán, tó wá jókòó ti fóònù rẹ̀ ní aago mẹ́jọ alẹ́ níbẹ̀, aago méjì òru ló ń kọ̀wé sí Ìséyìn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn. Kò sí bí ìyá yìí ṣe lè jí dá a lóhùn. Ohun tó ń wá ni ibi tí èèyàn ti lè rí àwòrán aṣọ, rí iye rẹ̀, kí ó sì fi orúkọ àti àwọ̀ tó fẹ́ sílẹ̀ nígbà tí òun bá ń sùn.

Mo wá tọ ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn, nítorí àpẹẹrẹ kan ṣoṣo kò tó láti dá iṣẹ́ sílẹ̀ lé lórí. "Èèyàn mélòó ló ń bèèrè iye aṣọ lọ́wọ́ yín láàárín ọ̀sẹ̀?" Bí ogún. "Mélòó ló ń rà?" Mẹ́rin, nígbà mìíràn márùn-ún. "Nínú àwọn tí kò rà, mélòó ni ẹ rò pé ìdáhùn tó pẹ́ ló lé wọn?" Ó rò ó. "Méjì, ó kéré tán." "Èló ni èrè yín lórí odindi kan, lẹ́yìn òwú àti owó ahunṣọ?" Ó tún dákẹ́, ó ní bí 25,000.

Mo kà á sókè fún un bí mo ṣe ń kọ ọ́: méjì lọ́nà 25,000 jẹ́ 50,000 lọ́sẹ̀, ìyẹn bí 200,000 lóṣù. "Hẹn-ẹn," ó ní. Kò tíì kà á bẹ́ẹ̀ rí. Èmi kọ́ ni mo sọ iye yẹn fún un, ẹnu ara rẹ̀ ló ti jáde. Ìdí tí owó kò fi gbọdọ̀ ṣíwájú nìyẹn. Ká ní mo pe 400,000 ní ìṣẹ́jú kìíní, yóò fi wé 60,000 tí ọmọ àdúgbò kan sọ pé òun máa gbà. Ní báyìí, ohun tó ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lóṣooṣù ni yóò fi wé. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún nǹkan kan: iye yìí gbọ́dọ̀ jẹ́ ti oníbàárà fúnra rẹ̀. Bí oníṣẹ́ bá ń fi ẹnu bù ú sókè kí iṣẹ́ rẹ̀ lè dà bí ọ̀pọ̀, oníbàárà á mọ̀, ó lè má sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kò ní pè mọ́.

Ìbéèrè kejì lórí ète ni èyí: "Ká ní a ti ṣe é tán, oṣù mẹ́fà ti kọjá, kí lẹ máa rí tí ẹ ó fi mọ̀ pé owó yín kò ṣòfò?" Ọ̀pọ̀ ló ń dáhùn pé, "Àwọn oníbàárà á pọ̀ sí i." Òun náà sọ bẹ́ẹ̀. Bí oníṣẹ́ bá gbà á bẹ́ẹ̀ tó sì lọ, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ronú ìpolówó, yóò fẹ́ kí gbogbo ayé rí i. Mo bi í pé, "Bí ogójì èèyàn bá gbé iṣẹ́ wá lọ́sẹ̀ kan náà, ṣé ẹ lè ṣe é?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá mọ aṣọ òkè mọ ìdí. Orí òfì ni wọ́n ti ń hun ún ní tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, fífẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ju bí àtẹ́lẹwọ́ lọ, lẹ́yìn náà ni wọ́n ń rán an pọ̀ mọ́ra kí ó tó di ìró tàbí agbádá. Kò sí bí a ṣe lè kán ọwọ́ ahunṣọ lójú láì ba aṣọ jẹ́. Ahunṣọ mẹ́fà ló ń ṣiṣẹ́ fún un, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń parí odindi kan láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan. Mẹ́fà lọ́sẹ̀ ni agbára rẹ̀ mọ. Mẹ́rin sí márùn-ún ló ń tà.

Nítorí náà, "kí oníbàárà pọ̀" kì í ṣe ète rẹ̀. Bí a bá kó ogójì èèyàn wá bá a, mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n nínú wọn yóò bínú lọ, orúkọ tó fi ogún ọdún kọ́ á bàjẹ́ láàárín oṣù kan. Ohun tó nílò ni kí méjì tó ń sá lọ lọ́sẹ̀ dúró, kí wọ́n san àsansílẹ̀ kí ahunṣọ tó mú òwú, kí ojú ewé náà sì máa sọ fún èèyàn pé aṣọ tí ẹ bá yàn lónìí, ọ̀sẹ̀ báyìí ló máa tó yín lọ́wọ́. Iṣẹ́ kékeré nìyẹn. Ó kéré ju ohun tí mo rò nígbà tó pè, ó sì wúlò fún un ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo máa ń sọ fún àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi pé ìbéèrè rere lè dín owó tí ẹ máa gbà kù, kí ẹ jẹ́ kó dín in kù.

Ọ̀rọ̀ gbèdéke wá kàn. Mo ní, "Ìgbà wo lẹ fẹ́ kó parí?" Ó ní, "Kó sá ti wà nílẹ̀ kí Ojúde Ọba tó dé." Ojúde Ọba ni ayẹyẹ tí àwọn Ìjẹ̀bú máa ń ṣe ní Ìjẹ̀bú-Òde ní ọjọ́ kẹta Iléyá, nígbà tí àwọn rẹgbẹ́rẹgbẹ́ máa ń to ìtò wá kí Awùjalẹ̀, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan nínú aṣọ tirẹ̀. Lọ́dún 2025, 8 oṣù kẹfà ló bọ́ sí. Láti ìparí oṣù kìn-ín-ní, oṣù mẹ́rin lé díẹ̀ ló kù. Ẹni tí kò bá bèèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ á kọ "oṣù kẹfà" sílẹ̀, á fi ọkàn balẹ̀.

Ọjọ́ tí oníbàárà bá dá kì í sábà jẹ́ ọjọ́ tó nílò iṣẹ́ náà. Ọjọ́ tí ohun tó ń bà á lẹ́rù máa ṣẹlẹ̀ ni, iṣẹ́ sì gbọ́dọ̀ ti wà nílẹ̀ tipẹ́tipẹ́ kí ó tó kàn án. Ìbéèrè tó ń fi èyí hàn ni: "Kí ló máa ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ yẹn gan-an, kí ló sì gbọ́dọ̀ ti ṣẹlẹ̀ ṣáájú rẹ̀?" Mo ní kí a jọ máa rìn ín padà sẹ́yìn. Lọ́jọ́ Ojúde Ọba, aṣọ ti wà lọ́rùn. Télọ̀ máa lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, aṣọ gbọ́dọ̀ ti kúrò ní Ìséyìn ní 18 oṣù karùn-ún. Láti hun aṣọ ẹgbẹ́ kan, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Òwú gbọ́dọ̀ ti wà lórí òfì ní 6 oṣù kẹrin. Kí ẹgbẹ́ tó fẹnu kò lórí àwọ̀, kí wọ́n tó dá owó jọ, kí akápò wọn tó fi ránṣẹ́, ó ní oṣù kan ni, nígbà mìíràn ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọjọ́ tí àwọn ẹgbẹ́ yóò máa wo àwòrán lórí fóònù wọn, tí wọn yóò máa jiyàn pé ẹtù ni àbí àlàárì, wá bọ́ sí 9 oṣù kẹta.

"Haa," ó ní. "Oṣù kẹta nìyẹn."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré ló kù wá. Ká ní mo gbà á ní oṣù kẹfà, tí mo sì parí ní oṣù karùn-ún, màá ti parí ṣáájú gbèdéke, iṣẹ́ náà kò sì ní tà tó aṣọ kan fún ọdún yẹn. Yóò san owó mi, yóò sì máa sọ kiri pé wẹ́bsáìtì kò wúlò. Kò ní jẹ́ irọ́.

Ó kù èyí tó máa ń ya ọjọ́ lulẹ̀ jù: ohun tó wà lọ́wọ́ oníbàárà fúnra rẹ̀. "Ta ló máa ya àwòrán àwọn aṣọ? Ìgbà wo ni mo lè rí i gbà?" Mo ti pàdánù ọ̀sẹ̀ tó pọ̀ sórí àwòrán ju sórí ohun mìíràn lọ. Ọmọ rẹ̀ ló máa ya á, ó ní fóònù tó dára. A fi í sí ọ̀sẹ̀ méjì. Mo tún bi í bóyá ó ti fi orúkọ òwò rẹ̀ sílẹ̀ ní CAC, torí àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń bá ni gba owó lórí íńtánẹ́ẹ̀tì máa ń bèèrè ìwé yìí lọ́wọ́ oníṣòwò kí wọ́n tó ṣí gbogbo ọ̀nà fún un, pàápàá bó bá fẹ́ kí èèyàn fi káàdì san owó láti òkè òkun. Kò tíì ṣe é. A pinnu pé a kò ní dúró dè é. Ẹni tó bá yan aṣọ á fi orúkọ àti nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀, á sì san àsansílẹ̀ sínú àkáǹtì rẹ̀ ní báńkì bí wọ́n ti ń ṣe tẹ́lẹ̀; ti káàdì á dúró de ìpín kejì lẹ́yìn Ojúde Ọba.

Ìgbà yìí ni mo wá yí sórí owó, a ti lo bí ogún ìṣẹ́jú. N kì í bi oníbàárà pé "Èló lẹ ní?" lójú kojú. Ó máa ń dún bí ẹni ń tú àpò ẹni wò, ìdáhùn tí èèyàn sì ń rí gbà ni ìdajì. Ohun tí mo ṣe ni pé mo na iye sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Mo ní, "Ojú ewé àwòrán àti iye owó nìkan, èèyàn máa ń san bí 200,000 fún mi. Èyí tó ń gba orúkọ àti ohun tí wọ́n yàn, tó sì ń sọ ọjọ́ tí aṣọ máa jáde, láti 400,000 dé 600,000. Ṣọ́ọ̀bù odindi tó ń gba káàdì láti ibi gbogbo, mílíọ̀nù kan lọ sókè. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èwo ló sún mọ́ ibi tí ẹ fojú sí?"

Ọgbọ́n ibẹ̀ ni pé èmi ni mo kọ́kọ́ dárúkọ owó, mo sì ṣe é láì fi ọwọ́ mú iye kan. Oníbàárà lè tọ́ka sí ibì kan láì sọ iye tó wà nínú àpò rẹ̀. Bí 60,000 ni ó ní lọ́kàn, ibẹ̀ la ti máa mọ̀, a ó sì túká pẹ̀lú ọ̀yàyà láì fi ọ̀sẹ̀ méje ṣòfò. Ṣùgbọ́n àwọn iye náà gbọ́dọ̀ jẹ́ òótọ́, kí ó jẹ́ ohun tí a ti gbà lọ́wọ́ ẹlòmíràn rí.

Ó ní, "Ti àárín yẹn ló dà bíi tèmi. Ṣùgbọ́n 100,000 ni mo ní lọ́kàn kí n tó pè yín o." N kò janpata. Mo bi í pé, "Ẹ ṣeun tí ẹ sọ ọ́. Èló ló wà nílẹ̀ lónìí, èló ló ń bọ̀, níbo ló sì ti ń bọ̀?" Apá mẹ́ta ni ìbéèrè yìí, mi ò sì gbọ́dọ̀ já ọ̀kan sílẹ̀ nínú rẹ̀, nítorí pé owó tó wà nílẹ̀ àti owó tó ń bọ̀ kì í ṣe ọ̀kan náà. Ó wá sọ gbogbo rẹ̀. 150,000 ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin tó wà ní Houston ti ṣèlérí 200 dọ́là fún un, ìyẹn bí 300,000 náírà nígbà náà. Àbúrò yìí náà ló ní kí ó lọ ṣe wẹ́bsáìtì.

Nítorí náà, 450,000 ni owó tó wà fún iṣẹ́ náà, kì í ṣe 100,000 tó ní lọ́kàn. Ṣùgbọ́n méjì nínú ìdá mẹ́ta rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹni tí n kò tíì bá sọ̀rọ̀. Mo rántí ìgbìmọ̀ ilé ìwé náà. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ màámi, yàtọ̀ sí ẹ̀yin, ta ló tún gbọ́dọ̀ gbà kí iṣẹ́ yìí tó bẹ̀rẹ̀?" Ẹ má ṣe sọ ọ́ bíi pé, "Ṣé ẹ̀yin lẹ ń ṣe ìpinnu?" Ìbéèrè yẹn ń bu àgbàlagbà kù, pàápàá bó bá jẹ́ obìnrin tó ti ń dá òwò ara rẹ̀ ṣe fún ogún ọdún. Ó ní àbúrò náà á fẹ́ rí i, ó máa ń bèèrè nǹkan púpọ̀. Mo ní kí a jọ bá a sọ̀rọ̀.

Àwọn ìbéèrè yìí kò lè ṣe ohun gbogbo. Ẹlòmíràn wà tó fẹ́ mọ iye nìkan kí ó lè fi já iye ẹlòmíràn wálẹ̀, bí ẹ bá bi í ní ohun tó ṣẹlẹ̀, á ní, "Ẹ ṣáà sọ iye yín." Mo máa ń na iye mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún un, mo sì máa ń jẹ́ kó máa lọ. Mo sì ti kọ́ láti máa fetí sí àwọn ọ̀rọ̀ kan. "Owó kì í ṣe ìṣòro" túmọ̀ sí pé ẹnì kan ti dá iye kan tí a kò tíì sọ fún mi. "Ó yá, kí a ṣe é kíákíá," láì sí ọjọ́ kan pàtó tí nǹkan kan máa bàjẹ́ bí a bá pẹ́, sábà máa ń parí sí iṣẹ́ tó dúró ní ìdajì. Bí mo bá bèèrè ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí ọjọ́ náà bá kọjá tó ní, "Kò sí nǹkan kan," mo mọ̀ pé gbèdéke kò sí, bí ẹnikẹ́ni bá sì gbé iṣẹ́ tó ní gbèdéke wá, tirẹ̀ ni màá sún sẹ́yìn. Mo máa ń sọ èyí fún un lójú ara rẹ̀. Nígbà mìíràn, ọjọ́ gidi á wá jáde lẹ́nu rẹ̀.

Mo sọ iye mi fún ìyá náà bí mo ti ṣèlérí: 420,000, kí ó san ìdajì kí n tó bẹ̀rẹ̀, ìdajì tó kù nígbà tí ojú ewé bá ṣí. Mo sọ fún un pé owó orúkọ wẹ́bsáìtì àti ibi tí wọ́n ń gbé e sí á máa padà wá lọ́dọọdún, kí ó má jẹ́ ohun tó máa bá a lábo. Lẹ́yìn náà ni a gbé fóònù sílẹ̀.

Kí oòrùn tó wọ̀ lọ́jọ́ náà, mo kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp. Mo lo ọ̀rọ̀ tirẹ̀ gan-an nínú rẹ̀, bí mo ṣe kọ ọ́ sínú ìwé mi. Ohun tí a fẹ́: kí ẹni tó bá kọ̀wé lóru lè rí aṣọ, rí iye, kí ó sì fi orúkọ sílẹ̀ kí ó tó bá ẹlòmíràn lọ. Iye tí a kò gbọdọ̀ kọjá: aṣọ mẹ́fà lọ́sẹ̀. Ọjọ́: 9 oṣù kẹta, kì í ṣe oṣù kẹfà. Àwòrán: láti ọwọ́ ọmọ yín, 10 oṣù kejì. Owó: 420,000, ẹ̀yin 150,000, àbúrò yín ìyókù. Mo ní bí ibì kan bá wà tí mo ṣì í gbọ́, kí ó tún un ṣe fún mi.

Ohùn ló fi dáhùn, kì í kọ̀wé. Ó ní gbogbo rẹ̀ rí bẹ́ẹ̀, àfi ibì kan. Mẹ́fà lọ́sẹ̀ yẹn, kí n kọ márùn-ún síbẹ̀, torí ọ̀kan nínú àwọn ahunṣọ rẹ̀ ń lọ ṣe ìyàwó ní oṣù kẹrin.